Omi Gbígbóná fún Yàrá Màmá

Yàrá ìyá mi ló wà ní ìpẹ̀kun ilé wa ní Ọ̀wọ̀. Hítà tó ń mú omi gbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ní òdìkejì pátápátá. Téèyàn bá ṣí táàpù omi gbígbóná ní balùwẹ̀ Màmá, omi tó ti tutù sínú páìpù ló máa kọ́kọ́ dà, á dà títí á fi sú èèyàn kí gbígbóná tó dé. Màmá ò sì ní dúró. "Mi ò lè fi omi Ọlọ́run ṣòfò," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fi tútù yẹn ṣe àlùwàlá nínú ọyẹ́, pẹ̀lú àyà tí dókítà ní kí òtútù má fẹ́ sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Ákùúrẹ́ gbaná jẹ lórí fóònù. "Tí omi yẹn ò bá gbóná kí n tó dé, mò ń mú Màmá lọ nìyẹn." Yàrá yẹn ni wọ́n ti bí gbogbo wa, ibẹ̀ náà ni bàbá wa kú sí. Màmá ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n kàn wò mí, torí iṣẹ́ púlọ́ḿbà ni mò ń ṣe.

Mo fa páìpù kejì láti ìdí táàpù wọn padà sí ìsàlẹ̀ hítà, mo fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi pẹ̀yìndà sí i, mo wá de pọ́ńpù kékeré kan mọ́ ọn, kí omi tó bá ti tutù lè máa padà lọ gbóná. Mo tan án. Pọ́ńpù ń kùn, ṣùgbọ́n páìpù tutù rinrin. Mo bú pọ́ńpù yẹn bí ẹni ń bá èèyàn jà! Àṣé atẹ́gùn ló há sínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u jáde, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́ mi, omijé ayọ̀ sì lé sójú mi.

Màmá ṣí táàpù, omi gbígbóná dà lójú ẹsẹ̀. "Tútù rẹ̀ wá dà?"

"Ó ti padà sínú hítà, Màmá. Ẹ̀kán kan ò ṣòfò."

"Alihamudulilahi," ni wọ́n wí.

Láàárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi dé, iná ti lọ láti ìdájí. Omi inú hítà ṣì gbóná, ṣùgbọ́n pọ́ńpù ti dákẹ́, èyí tó wà nínú páìpù ti tutù bí yìnyín. Mo mọ̀ pé Màmá ò ní jẹ́ kó dà nù. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn wọn. Màmá ṣí táàpù, wọ́n bu omi, wọ́n fi bọ́jú.

"Màmá, ṣé ó gbóná?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n.

"Ó gbóná dáadáa."

Ìyá wa, tí kì í jẹ́ ká parọ́ nínú ilé yẹn! Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, wọ́n padà sí pálọ̀. Mo sáré mú táwẹ́ẹ̀lì, mo fi wé ọwọ́ Màmá. Ọwọ́ náà tutù rinrin nínú ọwọ́ mi, wọ́n sì mi orí sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀.