Àfikún Tí Bàbá Gígé Kọ̀

“Mo sssọ pé mi ò fẹ́. Ẹ sssáà yọ ọ́ kúrò.”

Bàbá Gígé nìyẹn, tó ń gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé. Eyín iwájú ẹ̀ méjì ti lọ, bó bá ti ń bínú, ẹnu ẹ̀ á máa fọn fèrè. Àǹtí Owó-Oṣù ló ń bá jà, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tábìlì ìṣirò. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí àfikún owó oṣù fún gbogbo òṣìṣẹ́, Bàbá ló ní kí wọ́n yọ tòun.

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Owó orí ni. Tí n bá kọjá ìlà ìpele kìíní, ìpele kejì á gbé gbogbo owó mi mì. Sà tó jókòó síbí tẹ́lẹ̀ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fi kún owó, tí mo ní kó yọ tèmi, ó ní, ‘Kò sí wàhálà, Bàbá.’”

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà kan tó bàjẹ́ jáde nínú agbọ̀n.

“Ẹ wò ó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lẹ ń gbà. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọ́kọ́ kúrò fún ìfẹ̀yìntì, ó ku àádọ́rùn-ún, orí ìlà gan-an nìyẹn. Orí ìyẹn la ti ń gba owó orí, ìdá mẹ́wàá náà ni. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rin ló ń délé.”

“Mo mọ ìyẹn.”

“Tí wọ́n bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kún un, ìfẹ̀yìntì á mú mọ́kànlá, á ku mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún ìsàlẹ̀ ò yí padà, ìdá mẹ́wàá náà ni. Mẹ́sàn-án tó yọ lókè ìlà nìkan ló ń san ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó máa délé ju méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ.”

Bàbá gba bébà náà. Ìka ẹ̀ ń tẹ̀ lé iye kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

“Kò gbé gbogbo ẹ̀ mì?”

“Kò gbé e mì, Bàbá. Kò sígbà kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ń gbà jù mí lọ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ló ń ṣiṣẹ́ fún.” Fèrè ẹnu ẹ̀ ti dákẹ́. “Ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́?”

Ibi tí Àǹtí ò fẹ́ kó dé nìyẹn. “Orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, Bàbá. Bí owó oṣù ò ṣe lọ sókè, òun náà ò lọ sókè.”

Ó ku oṣù mẹ́rin kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Àǹtí fa ìwé owó oṣù mọ́ra. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìsinsìnyí sí i.”

“Fi sí i.” Ó ká bébà náà, ó tì í bọ àpò. “Ìyàwó mi ní kí n gbà á nígbà yẹn. Mo ní kí ló mọ̀ nínú ìwé. Kí ni n máa lọ sọ nílé báyìí?”

Ẹnìkan pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìgébébà: “Bàbá Gígé, bébà ti há o. Ẹ máa bọ̀.”