Ó Ti Fèsì

Inú ń bí mi títí di òní, ẹ má sì sọ fún mi pé kí n gbàgbé.

Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Port Harcourt. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni mo bẹ̀rẹ̀. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń ṣe látìgbà náà: kí n kọ̀wé, kí n sì rí i pé ẹni tí mo kọ ọ́ sí dáhùn.

Bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ nílùú yìí ló kọ́ mi. Ó ní fáìlì kan tó nípọn, a máa ń pè é ní KIV, ìyẹn ohun tí a gbọ́dọ̀ máa wò. Lẹ́tà tó bá ń fẹ́ èsì, ẹ̀dà rẹ̀ á wọ inú fáìlì yẹn, bàbá á sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí a máa yẹ̀ ẹ́ wò sí i lórí. Àràárọ̀ ló ń ṣí i. Bí ọjọ́ bá pé tí èsì kò dé, a ó tẹ ìwé ìránnilétí. Bí wọn kò bá tún dáhùn, a ó tẹ èkejì. Ojú mi á máa tì mí, torí àwọn àgbàlagbà la ń yọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bàbá á ní ìwé kì í mọ àgbà.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé, bàbá fẹ̀yìn tì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe wá fi nǹkan kan sí tèmi. Kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, màá mú iye ọjọ́. Bí ẹni náà kò bá dáhùn títí ọjọ́ yẹn fi pé, ẹ̀rọ á gbé ìwé náà padà sókè, á ní ẹni yìí kò tíì fèsì o. Ó tún ní ojú ewé kan tó ń to orúkọ gbogbo àwọn tó ṣì dákẹ́. Bí èsì bá ti wọlé, orúkọ á kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbé fáìlì KIV sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò sì wẹ̀yìn mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nígbà náà tó ń gba oyè dókítà lọ́dọ̀ wa. Ará Iwofe nílùú yìí ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọdún méje ló lò lórí ìwé ìwádìí tó fẹ́ fi gba oyè náà, ó sì ń ta ẹja gbígbẹ ní gbogbo ọdún náà kó lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun wá fún un níṣẹ́. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé ó ti yege kí oṣù kẹjọ tó parí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: àbọ̀ ìdánwò láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ka ìwé náà láti ìta, àti ọjọ́ tó lè wá bi í ní ìbéèrè. Ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí wà.

Ọ̀gá wa pè mí. “Madam, na your brother be that. You go sabi how to talk to am.”

Mo sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ni wọ́n bí dáadáa tí yóò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́? Mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí i kú ìnáwó, mo ní ẹ̀yìn Màmá á dára, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ìlà mẹ́fà ni ìkíni gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo béèrè àbọ̀ àti ọjọ́. Mo mú ọjọ́ méje fún ẹ̀rọ, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kejì, inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà ní Mgbuoba nígbà tí èsì wọlé sórí fóònù mi: “O ṣeun púpọ̀, ọmọ mi. Màmá lo ọjọ́ wọn dáadáa. Ọlọ́run á dá ìwọ náà lóhùn. Bá mi kí ọ̀gá ẹ.”

Orí mi wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá pè mí lọ́mọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé á fi ìyókù ránṣẹ́ bó bá jókòó, pé bí kò bá sì fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ á rán mi létí. Ibẹ̀ ni mo ti gọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀wé kà. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni náà, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọbìnrin náà wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Mummy, ẹ má bínú o. I nor wan dey disturb una. Bàbá yẹn ti reply?”

Mo ṣí ojú ewé àwọn tó dákẹ́. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

“Ó ti fèsì,” ni mo wí. “Gbogbo wọn don reply. Lọ sinmi.”

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì lọ. Mi ò ṣí lẹ́tà kankan wò.

Oṣù kẹjọ ti wọlé dáadáa kí ọ̀gá tó bi mí pé àbọ̀ dà. Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n ti dáhùn. Ó ní kí n fi hàn án. Mo ṣí i, ó tẹjú mọ́ ọn, kò gbọ́ Yorùbá.

“Wetin e talk?”

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. “He say thank you, sir. He say make I greet you.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Ṣebí mo fèsì fún ẹ lọ́jọ́ kejì?” ló wí.

“Ìkíni lẹ dá lóhùn, sà.”

“Ṣé kí n má dáhùn ìkíni ni? Àbọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Mo rò pé mo ti fi ránṣẹ́.”

Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́! Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Kò tó wákàtí kan tí àbọ̀ fi dé, kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn olùdánwò wa ti rìnrìn àjò, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó lè jókòó. Ọmọbìnrin náà bẹ àwọn ará òkè òkun títí. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn.

Ó yege lóṣù kẹsàn-án. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá bá mi nídìí tábìlì, kò pariwo.

“Mummy, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ti reply.”

Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí. Mo bínú sí ọ̀jọ̀gbọ́n, tó rí ìkíni tí kò rí ìbéèrè. Mo bínú sí àwọn tó fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Àwọn kọ́ ló ní kó lọ sinmi. Èmi ni, láìṣí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ọmọbìnrin náà, mi ò fi ìkíni sí i rárá, mo sọ ohun tí mo ṣe bí mo ṣe ṣe é. Kí ìwé náà tó lọ, ẹ̀rọ bi mí pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni kó rán mi létí bí kò bá fèsì. Mo yọ ìránnilétí náà kúrò. Ọmọ yẹn kò jẹ mí ní èsì.