Àyípadà Tí Kò Kù Mọ́ ní Ifo

Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá se ọbẹ̀ fúnra mi, tí mo dé ìkòkò náà fúnra mi, màá ṣì ka ẹran inú rẹ̀ nígbà tí mo bá máa ṣí i. Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n kò parọ́. N kì í tètè gba ohun tó bá rọrùn jù gbọ́. Ìfura loògùn àgbà, àti pé nídìí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìfura yẹn gan-an ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Ọ́fíìsì wa wà ní Ibafo, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta páànù àti ìṣó nísàlẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa, èmi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí èmi àti òun jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ètò tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aboyún la ń ṣe. Ilé ìgbẹ̀bí méjì ló ń lò ó nígbà náà, ọ̀kan ní Mowe níbi tí mò ń gbé, èkejì ní Ifo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sáfà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé ètò àti àkọsílẹ̀ wọn, nínú ọgbà, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ aboyún sílẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mátírọ́ọ̀nù ti Ifo ló béèrè ohun tuntun lọ́wọ́ wa. Obìnrin kan bímọ lọ́dọ̀ wọn nígbà kan, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ kọ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kó kú. Obìnrin náà ti tún lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ kí àyè kan wà lójú ìwé aláìsàn tí wọ́n á máa kọ oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀ sí, kí ó máa hàn ní pupa kí ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè rí i. Wọ́n sọ fún ọ̀gá wa pé àwọn ò lè wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀gá ṣèlérí pé ọ̀sẹ̀ méjì kò ní kọjá kó tó dé ọwọ́ wọn.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í dédé wà. Dátábéèsì, ìyẹn ibi tí orúkọ àti ìtàn àwọn aláìsàn ń gbé, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà kí ètò tuntun tó lè bá a ṣiṣẹ́. Inú fáìlì kékeré la máa ń kọ àyípadà kọ̀ọ̀kan sí, màìgréṣọ̀n la ń pè é. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní dátábéèsì méjì, ti gidi àti ti ìdánwò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn èyí tó ti gbà wọlé. Kí a tó gbé ètò tuntun jáde, a óò fi àwọn fáìlì wé àkọsílẹ̀ yẹn, ká lè mọ èyí tó kù. Bí ètò bá lọ tí àyípadà rẹ̀ kò lọ, ètò á máa wá àyè tí kò sí, nọ́ọ̀sì á sì máa tẹ bọ́tìnnì lásán. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn, bóyá nítorí ìwà mi.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo ti fi àwọn fáìlì tuntun ránṣẹ́ sórí sáfà méjèèjì, a ò tíì tan ètò tuntun fúnra rẹ̀. Mo yẹ Mowe wò láti orí tábìlì mi. Mẹ́ta ló kù, bí mo ṣe retí, àyè ìkìlọ̀ oògùn ló gbẹ̀yìn wọn. Mo yẹ Ifo wò. Ó ní kò sí èyí tó kù.

Mo tún un ṣe. Ó ní kò sí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá àwọn fáìlì tuntun kò dé ibẹ̀, torí bí sáfà kò bá ní wọn lọ́wọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kù? Mo wò ó, wọ́n wà níbẹ̀ pé. Àkọsílẹ̀ Ifo sì sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọlé láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ta ló fún un ní nǹkan jẹ nígbà tí a ò tíì se oúnjẹ?

Ọ̀gá ò rí ìjà kankan níbẹ̀. "Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti dínkù," ó ní. Ó pe Mátírọ́ọ̀nù lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́.

"Àyè yẹn ti wà níbẹ̀ o," Mátírọ́ọ̀nù wí, inú wọn ń dùn. "Mo ti kọ ti obìnrin yẹn sí i pàápàá. Pupa ló ń hàn. Ẹ ṣé gan-an."

Ọ̀gá pa fóònù, ó wò mí. "Ṣé o ti gbọ́? Tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ètò tuntun jáde, kó máa lọ."

Gbogbo ẹnu ló ṣọ̀kan, ohun tó sì bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ sí Ifo láti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n ṣe máa lo ètò tuntun náà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé bí fóònù ẹ̀ bá dún, tí á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó ń wá iṣẹ́ síbòmíì, àti pé ó ti fi ìkánjú yọ́ iṣẹ́ náà wọlé ní Ifo kó lè sọ pé òun ti parí ẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gbé màìgréṣọ̀n wọlé ní Ifo?" mo bi í.

"Rárá, Àǹtí. Orí dátábéèsì ìdánwò nìkan ni mo gbé e sí. N ò fọwọ́ kan ti gidi."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé mo máa ń purọ́ fún yín ni?"

Ojú ẹ̀ le. N ò gbà á gbọ́, mo sì jẹ́ kó mọ̀. Ọ̀gá ti ń wo aago, ó ní ká má sọ ọ́ dìjà, pé ohun tó bá ti wọlé ti wọlé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ láti tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo ṣí àkójọ aláìsàn Ifo láti fojú ara mi wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ń jẹ́ Ọsàn. Èkejì ń jẹ́ Ìbẹ́pẹ. Lẹ́yìn wọn ni Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti Kaṣú, tí oyún wọn jẹ́ oṣù méje. Orúkọ èso la fi ń sọ àwọn aláìsàn irọ́ tí a fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mú fún ènìyàn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn Kaṣú ni mo wá rí orúkọ ènìyàn, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin gidi pẹ̀lú àdírẹ́sì ní Ifo, ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtọ̀ wọn, ọjọ́ ìbímọ wọn. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí ìkìlọ̀ pupa wà lókè orúkọ ẹ̀.

Mo ṣí fáìlì ètò inú sáfà náà, níbi tí ìlà kan ti ń sọ dátábéèsì tí ètò á máa bá sọ̀rọ̀. Dátábéèsì ìdánwò ló wà níbẹ̀. Òun ni mo ti ń bi léèrè látọ̀sán. Lóòótọ́, kò sí àyípadà tó kù fún un. Òun la fi dán gbogbo wọn wò.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá síwájú kọ̀ǹpútà mi. Ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀.

"Mo gbé ètò tuntun lé dátábéèsì ìdánwò kí n lè fi kọ́ wọn, Mátírọ́ọ̀nù ló ní kí n fi sílẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ dá a padà nírọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n ní rárá, kí àwọn ọmọ àwọn lè máa fi kọ́ọ̀ṣì tí mo ṣe fún wọn dánra wò. Àǹtí, ìyá àgbà ni wọ́n. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kí wọ́n máa lo káàdì fún àwọn aláìsàn títí di Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ifo ò sí. Bó ṣe fò mí lórí nìyẹn."

Mo ní kí ọ̀gá tún pe Mátírọ́ọ̀nù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí àwọn aláìsàn wọn àtijọ́ nínú ètò náà.

"A ò rí wọn," wọ́n dáhùn wẹ́rẹ́. "A rò pé tuntun lẹ fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ni, la bá ń kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lákọ̀tun. Ọmọ yẹn fi sílẹ̀ fún wa, a ti ń lò ó."

Ọ̀gá, tó ti ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, dìde nídìí àga ẹ̀. Òun náà mọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe. Nígbàkígbà tí a bá gbé ètò tuntun jáde, ó máa ń nu dátábéèsì ìdánwò nù pátápátá, á tún to àwọn èso sí i, á sì dá ìlà yẹn padà sí dátábéèsì gidi. Ti gidi la máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. A kì í ṣe ẹ̀dà ti ìdánwò, ta ló fẹ́ tọ́jú Ìbẹ́pẹ? Gbogbo obìnrin tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ yẹn ì bá lọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọn ì bá ṣì rí obìnrin abẹ́rẹ́ yẹn bí wọ́n bá wá a, torí àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ wà nínú ti gidi, mímọ́ tónítóní, láìsí ìkìlọ̀ kankan lórí ẹ̀. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi, n ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

A ṣe ẹ̀dà dátábéèsì méjèèjì. A yí ìlà yẹn padà, mo tún yẹ Ifo wò, ó ní mẹ́ta ló kù. N kò tíì láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí torí iṣẹ́ tí a ò tíì ṣe. A gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fi ojú ara mi rí i pé àwọn aláìsàn àtijọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọkọ̀ lọ sí Ifo, a jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì, a ń kó àwọn obìnrin náà kúrò láàárín èso lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti obìnrin yẹn la kọ́kọ́ kó. Nígbà tí a kó wọn tán ni mo tó tẹ bọ́tìnnì ètò tuntun náà. Lójú ọ̀nà, mo bẹ ọmọkùnrin náà pé kó má bínú, ó ní kò sí wàhálà. Fóònù ẹ̀ dún, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ tó ń dúró de èrò, ó lọ gbà á lábẹ́ igi. Mo ṣì ń fura sí fóònù yẹn di òní.

Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹ́ kí Mátírọ́ọ̀nù mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n kàn gbọ́ pé a ń tún nǹkan tò.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè ni Mátírọ́ọ̀nù pè mí. Obìnrin abẹ́rẹ́ yẹn ti bímọ lánàá, nígbà tí àwọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì tó wá dúró fún ẹlòmíì, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ló gbẹ̀bí fún un. Ó ti fa abẹ́rẹ́ yẹn sínú ṣíríǹjì kó tó rí pupa, ó sì gbé e sílẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún wa, wọ́n ń sọ pé ọwọ́ wa kò ní gbẹ.

N ò lè ṣe àmín. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, bó ṣe jẹ́, àti ohun tí bọ́tìnnì ọjọ́ Jímọ̀ ì bá ti ṣe.

Wọ́n ní kí n tún ti bọ́tìnnì yẹn sọ, mo sì tún un sọ.

"Ọmọ yẹn fẹ́ dá a padà lọ́jọ́ náà," wọ́n ní. "Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀."