Lẹ́tà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Fẹjọ́ Mi Sùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń kó ìrẹsì wọlé láti Kútọnu. Òun ni mo yá lówó tí mo ti ń tù jọ láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni, nínú yàrá mi ní Ìlaròó. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ta ló jẹ́ ní kí ẹ̀gbọ́n òun tọwọ́ bọ̀wé? Wọ́n á ní mo ya aláfojúdi.

Ìjọba wá ti bodè. Ìrẹsì wọ́n, gbogbo ilé padà sídìí gààrí, èmi tó yẹ kí n máa din ín kò sì ní ẹ̀rọ. Nígbà tí mo béèrè owó mi, ẹ̀gbọ́n mi wò mí lójú kòrókòró.

"Owó wo? Ìwé ẹ̀ dà?"

Háà! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ó ní àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni lójú òfin, ṣùgbọ́n èmi tí mo ní mo yáni lówó ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi: ìgbà tí mo yá a, iye owó náà, ohun tó ní òun fẹ́ fi ṣe, ìgbà tó ní òun yóò dá a padà. Bí kò bá san án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó di kóòtù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fún lọ́yà lésì. Ó gbé lẹ́tà náà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá, olórí ẹbí wa, ó lọ fẹjọ́ mi sùn. Àwọn àgbà ilé ti pé nígbà tí mo dé, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi lẹ́tà gbá afẹ́fẹ́.

"Bàbá, ẹ wo ohun tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi! A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Torí owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀! Ṣebí mo ní bí bodè bá ti ṣí, n ó san án?"

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn.

"Àṣé o yá a?"

Ẹ̀gbọ́n mi yára ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó! Ayọ̀ gbé mi, díẹ̀ ló kù kí n jó lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n mú ìwé wá. Wọ́n kọ iye owó náà síbẹ̀ àti bí yóò ṣe máa san án lóṣooṣù. Ẹ̀gbọ́n mi tọwọ́ bọ̀ ọ́, àgbà méjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó ta ọkọ̀ tó fi ń kó ìrẹsì, ó san gbogbo rẹ̀ tán. Bodè kò tíì ṣí tí ẹ̀rọ mi ti ń pariwo lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi yọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, bá mi di gààrí àpò kan. Níparí oṣù ni n ó sanwó."

Mo kí i dáadáa, mo gbé àga fún un. Mo wọlé, mo mú ìwé àti báírò jáde.