Oòrùn Tó Wà Lójú Ìyá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí mo lè fi yangàn láyé yìí, n kò ní dárúkọ ilé, n kò ní dárúkọ mọ́tò. Fọ́tò kan ni. Ó wà lára ògiri ní abúlé kan lápá Ọ̀yọ́. Èmi ni mo ṣe é, ní Ṣómólú, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, tí fíìmù àti bébà fọ́tò wọ́n bí ojú.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó já sí Pedro, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Ọkùnrin ni gbogbo onífọ́tò tó kù ládùúgbò, wọ́n sì máa ń sọ pé ọwọ́ obìnrin ò yẹ iṣẹ́ inú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Ẹnu wọn ló ń sọ ọ́. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù mi náà ló máa ń dé sí.

Bí ọmọbìnrin ilé òdìkejì, tó ń ránṣọ, ṣe wọlé tọ̀ mí wá nìyẹn lásìkò ọyẹ́, tòun ti fọ́tò méjì lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ìyá wà láyé, kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn jọ ya fọ́tò pọ̀. Bàbá wọn wá sọ pé bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun ń padà sábúlé pátápátá, àti pé ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ mú lọ kúrò l'Ékòó ni fọ́tò tí òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun jọ wà nínú rẹ̀.

Onífọ́tò kan ní Bàrígà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Ó ya bàbá àti àwọn ọmọ lábẹ́ fàráńdà, ó tẹ ẹ̀dà ìyá jáde látinú fọ́tò kan tó ti wà tipẹ́, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bàbá, ó tún un yà. Nígbà tí bàbá rí i, ó ní, "Ta lobìnrin yìí?" Ó kọjú sí ògiri, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí, ìyá wa mà ni," ọmọbìnrin náà wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kí ló wá dé tí kò jọ ìyá wa?"

Mo gba fọ́tò méjèèjì, mo gbé wọn síta síbi ìmọ́lẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀rín tún ń pa mí. Ìyá náà kọ ilà ìbàmú, ilà kan ṣoṣo tó ti orí imú wá, tó dábùú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Nínú fọ́tò àtijọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà ló wà. Nínú tuntun, ó ti bọ́ sí ọ̀tún! Àjòjì ni ọkọ rẹ̀ rí, ọkọ rẹ̀ ò sì jẹ̀bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi. Ní fàráńdà, apá òsì àwa tí à ń wo fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Ní ti ìyá, apá ọ̀tún wa ni oòrùn wà. Onífọ́tò náà rí i pé ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ò bára mu, ó bá yí ẹ̀yìn nẹ́gẹ́tíìfù ìyá, ìyẹn fíìmù tí a ti ń tẹ fọ́tò jáde, sójú kó tó tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn lè bọ́ sí òsì. Oòrùn bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́, ilà sì bá a lọ.

Síbẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nìkan ló wò, kò wo bó ṣe le sí. Lábẹ́ fàráńdà, gbogbo ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ wọlé, òjìji imú àwọn ọmọ rọ̀, ó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ láìní etí. Inú oòrùn gbangba ni ìyá dúró sí ní tirẹ̀, òjìji imú rẹ̀ mú ṣáṣá bí ohun tí wọ́n fi bíléèdì gé. Bí wọn ò tilẹ̀ yí ilà rẹ̀, òun nìkan ni yóò dà bí ẹni tó wà lóòrùn láàárín àwọn tó wà níbòji.

"Ẹ ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì pa òjìji yẹn rẹ́ lójú wọn?" ọmọbìnrin náà bi mí.

"Kí n wá kun ojú mìíràn fún ìyá ẹ? Rárá o. Ìyá ò lè kúrò níbi tí wọ́n dúró sí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láyé lẹ máa lọ bá wọn nínú oòrùn."

Mo mú àgbálùmọ̀ kan, mo gbé e sórí bébà funfun níta láti fi dán oòrùn wò. Etí òjìji rẹ̀ ò dá ṣáká, nítorí ọyẹ́ ti da eruku bo oòrùn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi fọ ojú ọ̀run.

Òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ilé náà ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú omi ní Àpápá, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni wọ́n ń jáde lójoojúmọ́. Sátidé ìparí oṣù, tí ìjọba fòfin de ìrìn kí gbogbo ènìyàn lè gbálẹ̀ kí wọ́n sì kó gọ́tà, nìkan ni a lè bá gbogbo wọn nílé láàárọ̀. Bí a bá sì dúró di ìgbà tí wọ́n máa ní ká máa rìn, oòrùn á ti gun orí, òjìji imú á bọ́ sísàlẹ̀ tààrà. Mo bá fi ọ̀rá wé kámẹ́rà, mo gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé ìgbálẹ̀ lé e, mo sọdá gọ́tà. Sójà kan lórí títì wò mí.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi," mo dá a lóhùn, mo sì gbálẹ̀ díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Nínú àgbàlá, mo gbé àgbálùmọ̀ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá, mo di fọ́tò ìyá mú. Mo ń yí àga náà títí oòrùn fi wà lápá òsì bàbá, tí í ṣe apá ọ̀tún ẹni tó ń wo fọ́tò, tí òjìji imú bàbá fi dé igun ẹnu, bó ṣe dé e lójú ìyá gẹ́lẹ́. Etí òjìji àgbálùmọ̀ mú ṣáṣá. Àwọn ọmọ ní oòrùn ń ta àwọn lójú, mo ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Mo wá mú àbúrò ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí òun àti ìyá jọ ga bákan náà àmọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, mo ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàbá, nítorí ẹni tó bá wà lóòrùn gbọ́dọ̀ ní òjìji nílẹ̀.

"Ṣé ẹ ó wá fi ẹ̀gbọ́n mi bò mí mọ́lẹ̀ lẹ́yìn gbogbo òógùn yìí?" obìnrin náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rọra mí."

Mo yà wọ́n. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ ìyá jáde látinú fọ́tò àtijọ́ ní ìwọ̀n tó yẹ, mi ò yí i padà. Mo fi bíléèdì gé e, mo fi sáńpépà ha ẹ̀yìn etí bébà náà títí ó fi fẹ́lẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ bo àwòrán àbúrò rẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tún ojú ìgé ṣe, mo tún gbogbo rẹ̀ yà. Nígbà tí àwòrán ń yọ bọ̀ nínú omi, mo pariwo nínú òkùnkùn níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Bàbá mú un súnmọ́ ojú. Ó fi ìka tọ ìbàmú náà láti orí imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Lẹ́yìn náà ló rí òjìji tó nà lọ sẹ́yìn àga rẹ̀, ó fi ìka kan ìyẹn náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ di apá mi mú pinpin.

"Ìwọ tí o kì í fẹ́ràn oòrùn," bàbá wí fún fọ́tò náà. Ó yíjú sí wa. "Ṣé kò sí ẹni tó lè gbé àga fún ìyá yín ni? Àtìgbà wo ló ti wà lórí ìdúró?"

Ọmọbìnrin náà sáré wọlé, ó gbé àga jáde lóòótọ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Bàbá gbé fọ́tò náà jókòó sórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.