Fọ́nrán Kan Nínú Irun Màmá

Abẹ́rẹ́ ni a ń pè é ní ilé ìyàwòrán wa, nítorí kò sí ibi tó há tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè wọ̀. Bí ènìyàn bá ya fọ́tò tán, tó wá rí i pé òpó iná tàbí orí aládùúgbò yọ lẹ́yìn òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi ni mo ń tẹ àwòrán jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n bá ní gbèsè lọ́rùn, Abẹ́rẹ́ á bá wọn yọ olówó kúrò lẹ́yìn wọn. Òun a máa rẹ́rìn-ín, a ní ẹnu mi ni yóò pa mí.

Ẹ̀rín yẹn ti dín kù láti ìgbà díẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó wà ní ọ̀nà jíjìn, kì í gbé fóònù mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn, ló ń gbé e: Màmá ń sùn, Màmá wà ní balùwẹ̀, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èmi kò fẹ́ràn oorun tí kì í tán yẹn rárá, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n yìí fi fọ́tò ìyá wọn ránṣẹ́. Ó ní ọgọ́rin ọdún Màmá ń bọ̀, kí Abẹ́rẹ́ bá wọn ṣe èyí tó tóbi, kó sì yọ irin tó wà lẹ́yìn orí Màmá. Ó ní irin tí wọ́n ń kọ́ aṣọ sí ni.

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ó ti rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Irun rẹ̀ funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ń fò kiri bí òwú, irin náà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá sáré gé irin náà mọ́ irun, yóò dà bíi pé Màmá dé fìlà.

Abẹ́rẹ́ ṣí àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì àwòrán náà, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ya pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní dúdú àti funfun. Nínú ti pupa, ògiri ṣókùnkùn, irun sì tàn yọ. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó mú kí dúdú dúdú sí i, kí funfun funfun sí i. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí kì í fọwọ́ kan ibi tó mọ́lẹ̀ kun irin náà dúdú, kí irun tó kọjá níwájú rẹ̀ má bàa bá a lọ. Ó sọ ọ́ di máàsìkì: ibi tó funfun á hàn, ibi tó dúdú á pamọ́. Ó fi kọ́tìnnì aláwọ̀ ilẹ̀ sẹ́yìn Màmá, ó rọra tún etí máàsìkì náà ṣe títí àwọn irun wẹ́wẹ́ fi padà wá, ó sì nu àwọ̀ ewé tí ògiri fi sí wọn lára kúrò. Irin pòórá. Mo yìn ín.

Ṣùgbọ́n fọ́nrán kan ṣẹ́ kù láàárín irun.

"Irun náà ni," mo ní.

"Irun máa ń tín-ín-rín bó bá ń lọ sí ṣóńṣó," ó ní. "Eléyìí ò tín-ín-rín níbì kankan."

Ó pa máàsìkì náà, ó sì fa fọ́tò náà tóbi. Fọ́nrán náà ti ara irin sọ̀kalẹ̀, ó gba àárín irun, ó sì wọ abẹ́ báńdéèjì kékeré kan lọ́rùn Màmá. Rọ́bà ni, irú èyí tí omi ilé ìwòsàn ń gbà wọ iṣan; irin tí wọ́n ń kọ́ omi náà sí ni irin ọ̀hún, kì í ṣe ti aṣọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Abẹ́rẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí èmi náà lè gbọ́.

"Bùọ̀dá, kí ni wọ́n fi sí Màmá lọ́rùn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì: "Àwọn dókítà ò rí iṣan tí wọ́n máa gún lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ ni. Màmá ló ní ká má sọ fún ẹ. Ó ní wàá pa iṣẹ́ tì."

"Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí fún mi?"

"Kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí. Èyí tá a máa gbé ka orí pósí ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ní ká ya òun. Ó ní ìwọ nìkan lo ò ní gé irun òun dànù."

"Ẹ fún un ní fóònù."

"Kò dá wa lóhùn láti àárọ̀. Bó o bá ń bọ̀, tètè máa bọ̀."

Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀. "Má tẹ̀ ẹ́ jáde o," ó sọ fún mi láìwẹ̀yìn, ó sì sáré lọ sí ibùdókọ̀.

Mo jókòó ti ojú kọ̀ǹpútà náà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá Màmá láàyè. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi wọlé lábẹ́ fọ́tò náà, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n: "Àbúrò mi, má wulẹ̀ sáré mọ́. Bá wa tẹ àwòrán yẹn wá."