Ọgbọ̀n Ọjọ́ Tí Wùmí Fi Panu Mọ́

Èmi ni mo kín àbá náà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ tàbùkù ìyàwó mi, Wùmí, kí èmi sì yọ ara mi kúrò níbẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi la wà ní Ìwó níbí. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í pààrọ̀ páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìpe ìpàdé ìjọ, kí ẹnìkan dá àbá, kí ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, kí gbogbo wa sì nawọ́ sókè. Afọlábí Adédìpẹ̀ ni orúkọ mi, káfíńtà ni mí, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú kí akọ̀wé kọ orúkọ mi sínú ìwé pé mo kín nǹkan lẹ́yìn. Akọ̀wé ọ̀hún ni ìyàwó mi.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Wùmí fi ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀ ni, kì í sì í gbà kí ẹlòmíràn fi falẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, tí ẹ dé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo ti bá a gbé fún ọdún márùndínlógójì, mo ṣì máa ń sáré.

Ìwà yìí ló mú un kọ lu Tóbilọ́ba lọ́dún méjì sẹ́yìn. Tóbilọ́ba ni akọ̀wé ìjọ nígbà náà, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò ju Jonathan ọmọ wa lọ. Wùmí dìde nínú ìpàdé, ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí kò tíì kọ, ó ní bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá fún òun ní kíláàsì, òun á lé olúwarẹ̀ síta. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Tóbilọ́ba kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, ó sì gba iṣẹ́ tíṣà lọ sí Ilé-Ogbó. Wùmí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ yìí ti ṣe. Ó ti ṣí ibì kan fún ìjọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí èèyàn ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí à ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Íméèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi ṣí i. Ibẹ̀ ló ń kó ohùn àwọn arúgbó ìjọ sí. Á lọ bá wọn nílé, á gbé fóònù sí iwájú wọn, wọn á máa sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ru bíríkì, ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé torí ìrìbọmi. Nígbà tí Wùmí gba iṣẹ́, ó tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Tirẹ̀ tó gbà kẹ́yìn ni ti Màmá Àbẹ̀ní, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Wákàtí méjì gbáko ló fi jókòó ti màmá náà. Bó ti gbé ohùn náà lọ síbi ìpamọ́ yẹn, ó pa á rẹ́ lórí fóònù ìjọ kí àyè lè wà fún òmíràn. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Màmá Àbẹ̀ní lọ bá Olúwa rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Karùn-ún la ṣe ìpàdé. Akápò wa, Díákónì Ọlábánjí, ní owó ọdọọdún yẹn ti ń gun òkè, àti pé nǹkan tí ojú ò rí, kí là ń sanwó lé lórí? Ẹnìkan dá a lábàá pé láti òní lọ, kí ìjọ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ní mo kín in lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, títí kan ti Wùmí.

Ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀ kò dúró dọ̀la. Ó gbé kọ̀ǹpútà ìjọ sórí tábìlì, ó fi pásíwọ́ọ̀dù Tóbilọ́ba wọlé, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà béèrè ọ̀rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Alága, ó ti parí.” A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sí ọ́fíìsì láti lọ kó àwọn ohùn náà jáde, torí lọ́kàn tirẹ̀, ẹni tó dáwọ́ owó dúró ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹrù rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti tì. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sí i ni pé wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa láti ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò lè wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó ni àkáǹtì lè ṣí i padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọn kò sì ní lè dá a padà. Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tó parí sí mẹ́rin-méje.

Wùmí mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà.

Gbogbo èyí, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ohun tí mo rí ni pé ìyàwó mi kò jẹun dáadáa mọ́. Àánúolúwa, ọmọ Màmá Àbẹ̀ní, wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi ohùn màmá mi sórí fóònù mi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa gbọ́ ọ.” Wùmí ní ẹ̀rọ ló ń yọ òun lẹ́nu, kó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kò síná. Nígbà kẹta tí ó gbọ́ ohùn Àánúolúwa lẹ́nu géètì, ìyàwó mi, tíṣà ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo purọ́ pé kò sí nílé. Mi ò mọ ìdí irọ́ tí mò ń pa, ojú sì tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́sàn-án ló wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ó dúró ti pákó tí mò ń fá.

“Bàbá Jonathan, mo ti ba nǹkan jẹ́.”

Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò pe Tóbilọ́ba láti ọjọ́ yìí? Ilé-Ogbó tí ọ̀kadà ń gbéni dé kí oorun tó kunni.

Ó ní, “Kí n pe ọmọ tí mo pè ní ọ̀lẹ níwájú ìjọ, kí n ní mo ti ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́? Ikú yá ju ẹ̀sín. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀la ló pé ọgbọ̀n ọjọ́. A ó lọ lọ́la.”

Inú bí mi, ẹ má fojú ènìyàn rere wò mí. Mo bá a wí débi tí ó fi sunkún. Ìgbà tó yá ni mo rántí ẹni tó kín àbá náà lẹ́yìn, mo sì dákẹ́.

Ní Ọjọ́rú, a bá Tóbilọ́ba ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ. Bó ti rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ pẹrẹsẹ lórí erùpẹ̀, ó gbé àga fún wa. Wùmí kò jókòó. Ó sọ ohun tó ṣe lórí ìdúró, bí ọmọ kíláàsì tí wọ́n pè jáde. Mo ń wo ilẹ̀.

Tóbilọ́ba béèrè pé, “Màmá, ọjọ́ wo lẹ tẹ̀ ẹ́?”

“Ọjọ́ Ajé ni mo rí i. Òní ló pé ọgbọ̀n ọjọ́.”

“Mo ní ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, mà.”

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Níbi ìpàdé.”

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó fi hàn wá. Ọjọ́ Ajé ìjẹ́ta ni wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. “Àtìgbà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, mà. Ibi méjì ló wà tí èèyàn lè tẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n má gba owó ọdún tó ń bọ̀. Ká ní ìyẹn lẹ tẹ̀ ni, à bá ṣì máa lò ó títí owó tí a san yóò fi tán nínú oṣù Kọkànlá. Èkejì ni pé kí wọ́n ti àkáǹtì pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé kò sí ẹ̀dà kankan lọ́wọ́ tìrẹ?”

“Àwọn tí mo fúnra mi gbà wà lórí fóònù mi àtijọ́, sà, ẹni mọ́kànlá. Àwọn tí màmá gbà, kò dé ọ̀dọ̀ mi.” Ó wá sọ ohun tí mi ò retí. “Gbogbo íméèlì wọn, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mo rí kóòdù náà pẹ̀lú. Mo fẹ́ pè yín. Mo ní ẹ ó sọ pé mo ti kúrò níbẹ̀, kí ló kàn mí. Ojú ń tì mí, mà. Ẹ má bínú.”

Wùmí wò ó. Ó wá kúnlẹ̀ fún ọmọ náà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wò wá láti ojú fèrèsé. Tóbilọ́ba sáré dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Èmi nìkan ló dúró láàárín wọn, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ fà dìde.

Ọ̀kadà la gùn padà. Nígbà tí a wọ Ìwó, ìyàwó mi ní kí wọ́n gbé wa gba ilé Àánúolúwa. Àánúolúwa ń se gbẹ̀gìrì lórí iná lọ́wọ́ nígbà tí a dé, ó nu ọwọ́, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé a gbé ohùn màmá rẹ̀ wá. Wùmí kò jẹ́ kó kí wa tán. Ó sọ fún un pé ohùn náà ti lọ, pé òun ni òun tẹ̀ ẹ́ dànù, pé òun ti ń purọ́ fún un láti ọjọ́ yìí.

Àánúolúwa kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí.

“Kò burú, mà. Ẹ̀yin lẹ kúkú jókòó tì í. Kí ni màmá mi sọ? Ẹ sọ èyí tí ẹ bá rántí fún mi.”

Wùmí la ẹnu. Mo rí i tó ń wá a, tó ń wá a. Ó ní màmá mẹ́nu kan Olúpọ̀nnà, pé wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sí ìsìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan mìíràn mú jáde. Wákàtí méjì.

“Mi ò fetí sí i, Àánúolúwa,” ló wí. “Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni mò ń kọ lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ.”